Bí Agbanisíṣẹ́ Bá Ní Owó Oṣù Kò Ṣeé Fi Kún

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bá dé, tí wọ́n sì ní owó oṣù ti kan gógó, a rọ̀ yín kí ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ bi wọ́n bóyá owó oṣù nìkan ni, tàbí gbogbo owó tó wà fún ipò náà.

Ẹ jẹ́ ká wo akọ̀wé owó tí wọ́n fẹ́ san ₦150,000 fún, tí òun ń fẹ́ ₦180,000. Ó lè béèrè ₦15,000 owó ọkọ̀ lóṣooṣù. Kí wọ́n pè é ní owó ọkọ̀ nínú ìwé: nílé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 kà á mọ́ owó tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìdá 10 nínú 100 kún. ₦1,500 nìyẹn lóṣooṣù. Owó oúnjẹ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ṣèlérí àfikún lẹ́yìn oṣù 6, kí wọ́n kọ iye àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ fi ₦150,000 nìkan ṣe ìṣirò yín.