Bí Ọjọ́ Kílíníkì Bá Bọ́ sí Ọjọ́ Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìfipamọ́ tàbí ti owó yíyá. Ọ̀rọ̀ káàdì ọsibítù ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí nọ́ọ̀sì ń kọ ọjọ́ fún láti wá yẹ ara wò kí wọ́n sì gba oògùn. Ẹ̀dùn tí a sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà ni pé, “Ìgbà gbogbo ni ọjọ́ dókítà mi ń bọ́ sí ọjọ́ ọjà!” Àwọn kan tilẹ̀ ń rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ló ń fojú wọn gbolẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ló fà á.

Ẹ wò ó. Ọjà ọlọ́rọrùn-ún tó ná lónìí yóò tún ná ní ọrún òní. Àwa a máa ka òní mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ní kíkà ti káléńdà, ọjọ́ 4 ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Ọ̀sẹ̀ ti ọsibítù ní tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 7. Bí wọ́n bá ní kí o padà wá ní ọ̀sẹ̀ 4 sí òní, ọjọ́ 28 nìyẹn. Ọjọ́ 28 yìí náà ni ọjà ọlọ́rọrùn-ún méje pé géérégé. Nítorí náà, bí ọjọ́ kílíníkì rẹ àkọ́kọ́ bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá tún kọ fún ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin yóò máa bọ́ sí ọjọ́ ọjà títí lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ọ̀sì kò mọ̀, torí káléńdà tí wọ́n gbé kọ́ ògiri kì í sọ ọjọ́ ọjà.

Ohun tó dùn nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn nílò láti sún un. Bí o bá ti yí i síwájú tàbí sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ kan péré, tí wọ́n sì ń bá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin lọ, òun àti ọjà kò ní pàdé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá oníṣu kan ní Ọ̀kà ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní káàdì ní ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìkàrẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni wọ́n ń rí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru níbẹ̀. Ó lọ ní ọjọ́ 3 oṣù Máàṣì, ọjọ́ ọjà ni, ó fi ọjà sílẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n fún un ní oògùn ẹyọ 28, ọ̀kan láràárọ̀, wọ́n sì kọ ọjọ́ 31 oṣù Máàṣì sí káàdì rẹ̀. Ọjà rẹ̀ yóò ná ní ọjọ́ 7, 11, 15, 19, 23, 27, àti 31. Wọ́n tún ti pàdé nìyẹn.

Kí ni kó ṣe? Kó má dákẹ́ títí ọjọ́ 31 yóò fi kọjá, kó wá máa bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, kó mú káàdì lọ, tàbí kó fi rán ọmọ tó gbọ́n, kó sì mú ọjọ́ méjì dání. Ìdí tí a fi ní ọjọ́ méjì ni pé, bí o bá mú ọjọ́ kan ṣoṣo lọ, wọ́n lè ní ó ti kún, ọ̀rọ̀ parí. Bí o bá sì ní, “Ọjọ́ tó bá wù yín,” wọ́n lè tún gbé ọ sórí ọjà mìíràn. Ọjọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí kílíníkì rẹ ń jókòó. Ti ìyá yìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni méjèèjì: ọjọ́ 24 oṣù Máàṣì, tàbí ọjọ́ 7 oṣù Éépírì.

Ọjọ́ 24 ni kó kọ́kọ́ dárúkọ. Ọjọ́ kejì ọjà ni, ọwọ́ dilẹ̀ díẹ̀. Èyí tó ju ìyẹn lọ ni pé oògùn ẹyọ 7 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí pé oògùn tán. Ọjọ́ 7 oṣù Éépírì ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀la ọjà, ọjọ́ tí iṣu ń wọlé láti oko, ẹ̀yin náà mọ bó ti máa ń rí. Oògùn rẹ̀ yóò sì ti tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ 31, kò ní ní èyí tí yóò lò fún odindi ọjọ́ 7. Bó bá jẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fún un, kó béèrè oògùn ẹyọ 7 kún tọwọ́ rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ènìyàn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn kan rò pé ọ̀sẹ̀ kan láìsí oògùn kò ṣe nǹkan. Ó ń ṣe nǹkan o. Ẹ̀jẹ̀ á tún ga sókè láìsọ fún ẹni tó ni í.

Bó ṣe lè sọ ọ́ nìyí: “Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ 31 tí ẹ kọ fún mi, ọjọ́ ọjà ni, kò sí ẹni tí yóò bá mi dúró sí ìsọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè wá ní Túsìdeè ọjọ́ 24 oṣù yìí, tàbí ọjọ́ 7 oṣù tó ń bọ̀? Nọ́ńbà káàdì mi rèé.” Ó tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí láti sọ pé òkú kú tàbí pé mọ́tò bàjẹ́.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ nìyí. Wọ́n á yí ọjọ́ lórí káàdì, ṣùgbọ́n wọn kò yí i nínú ìwé ńlá ti kílíníkì. Bí ọjọ́ bá pé, fáìlì rẹ kò ní sí lára èyí tí wọ́n kó jáde, o ó sì jókòó títí gbogbo èrò yóò fi lọ tán. Rọra béèrè pé, “Ṣé ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé náà, mà?” Dúró kí o rí i pé wọ́n fa ìlà sí ti àtijọ́.

Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, nítorí náà wọ́n lè máa bá ọjà pàdé bákan náà. Ṣùgbọ́n níbi èyí, ẹ má ṣe béèrè ọjọ́ tó ṣáájú, torí ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 4 gbọ́dọ̀ wà láàárín abẹ́rẹ́ kan àti èkejì kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n kọ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ fi ṣe ìkejì. Wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí ìyẹn, ibi tí wọ́n bá a dé ni wọn yóò ti máa bá a lọ.

Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé ṣùgbọ́n tí àyà ń dùn ún, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ lójijì, tàbí aboyún tí orí ń fọ́ gidigidi tàbí tó rí ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ káàdì kọ́ nìyẹn. Kó lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọjà.