Òjíṣẹ́ Iye: Bí Àdéhùn Aládàáṣe Ṣe Ń Mọ Iye Ọjà, àti Ohun tí Ó Ń Ṣẹlẹ̀ Nígbà tí Iye Náà Kò Bá Tọ̀nà

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra gàrí púpọ̀ ní Mowe kì í gba iye rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu òǹtajà kan ṣoṣo. Yóò béèrè ní Mowe, yóò tẹ ojúlùmọ̀ kan láago ní Ibafo tí ó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kan náà, yóò sì bi ẹlòmíràn tí ń ná ọjà ní Ifo, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Bí ti Mowe bá jẹ́ náírà 3,000 fún rọ́bà pẹ́ńtì kan, tí ti Ibafo jẹ́ 3,100, tí ẹni tí ó wà ní Ifo sì fi òdo kan lé e, tí ó kọ 30,000 ránṣẹ́, olùrajà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àṣìkọ ni. Ó ní ojú, ó sì ní ìrírí. Àdéhùn aládàáṣe kò ní méjèèjì. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni ọ̀nà tí iye ọjà ń gbà dé ọ̀dọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ó ń jẹ gbèsè nígbà tí iye náà kò bá tọ̀nà.

Ìdí tí àdéhùn fi nílò òjíṣẹ́

Àdéhùn aládàáṣe jẹ́ ìlànà tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ alájọni tí à ń pè ní bulọ́ọ̀kùṣéènì. Ó lè gba dúkìá ìdógò lọ́wọ́ ènìyàn, kí ó yá a lówó, kí ó sì ta ìdógò náà bí iye rẹ̀ bá já wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Kò sí akọ̀wé tàbí alákòóso tí yóò buwọ́ lù ú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ni wọ́n jọ ń ṣe ìṣirò kan náà, èsì wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ń lọ ná ọjà fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá tí ẹnìkan fi ṣáájú èkejì ti tó láti mú kí èsì wọn yàtọ̀. Nítorí náà, ẹnìkan ní láti kọ iye náà sínú àkọsílẹ̀ ṣáájú, kí gbogbo wọn lè ka ohun kan náà. Ẹni yìí ni wọ́n ń pè ní órákù. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe Ifá àti irú rẹ̀ ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n órákù yìí kì í dífá, kì í sì í ríran. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìkan ni ó ń jẹ́. Òjíṣẹ́ iye ni orúkọ tí ó bá a mu jù.

Ní ọ̀dọ̀ Chainlink, tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, òjíṣẹ́ kan kọ́ ni ó ń dá iye mú wá. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gba iye láti orísun oríṣiríṣi. Wọn a tò wọ́n láti orí kékeré dé ńlá, wọn a sì mú èyí tí ó bọ́ sí àárín. Nínú àpẹẹrẹ gàrí òkè yìí, bí wọ́n bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí wọ́n sì pín in sí mẹ́ta, iye yóò di 12,033, àṣìkọ Ifo yóò sì ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n iye àárín jẹ́ 3,100. Wọn kì í sì í kọ iye tuntun ní gbogbo ìgbà, nítorí pé owó ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Wọ́n ń kọ ọ́ bí iye bá yí kọjá ìwọ̀n tí wọ́n ti là sílẹ̀, tàbí bí àkókò kan bá pé láìsí ìyípadà.

Ọ̀ràn LUNA ní ọdún 2022

Venus jẹ́ àdéhùn ìyánilówó tí ó wà lórí bulọ́ọ̀kùṣéènì BNB Chain. Ọ̀dọ̀ Chainlink ni ó ti ń gba iye LUNA, owó ayélujára Terra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2022, LUNA kan lé ní dọ́là 70. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, UST, owó kejì tí Terra so mọ́ dọ́là, já kúrò lára dọ́là, LUNA sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ Kejìlá oṣù náà, wọ́n dá iṣẹ́ òjíṣẹ́ iye LUNA dúró nítorí rúkèrúdò ọjà. Iye tí ó kọ kẹ́yìn ni dọ́là 0.107. Ọjà kò dúró dè é: LUNA ń bá a lọ ní jíjábọ̀ títí ó fi tó nǹkan bíi dọ́là 0.01.

Venus kò mọ̀ pé òjíṣẹ́ ti dákẹ́. Iye tí ó rí nínú àkọsílẹ̀ ni ó ń lò. Ẹni tí ó bá ra LUNA lọ́jà ní sẹ́ńtì kan lè gbé e lọ síbẹ̀, kí wọ́n sì kà á sí sẹ́ńtì mẹ́wàá ó lé. Àpò ìkówósí méjì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 230 LUNA dógò. Lójú àdéhùn, ìdógò náà lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là. Lọ́jà, kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 lọ. Wọ́n yá nǹkan bíi mílíọ̀nù 13.5 dọ́là jáde. Kò sí ìdí tí wọn yóò fi padà wá san án, nítorí pé ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tó ìdá márùn-ún ohun tí wọ́n kó lọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11.2 dọ́là ni ó di gbèsè tí kò sí ẹni tí yóò san án. Kí àwọn alákòóso Venus tó dá iṣẹ́ dúró, nǹkan ti bàjẹ́.

Kò sí ẹni tí ó fọ́ ilẹ̀kùn wọlé nínú ọ̀ràn yìí. Àdéhùn náà kò ṣẹ̀ sí òfin kankan tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Iye tí ó kà tilẹ̀ ti jẹ́ òtítọ́ rí, ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú. Ìyẹn ni ó mú kí irú àṣìṣe yìí ṣòro mọ̀ ju 30,000 ti Ifo lọ: iye tí ó ti pẹ́ kò yàtọ̀ lójú sí iye tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àkókò tí wọ́n kọ ọ́ nìkan ni ó ń tú àṣírí rẹ̀.

Náírà oníyemejì

Bí ó bá kan náírà, ìṣòro mìíràn tún wà. Títí di oṣù Kẹfà ọdún 2023, iye méjì ni dọ́là ní ní Nàìjíríà: iye ìjọba, nǹkan bíi náírà 471, àti iye àwọn tí ń ṣẹ́ owó ní ìgboro, tí ó lé ní 700. Ní ọjọ́ Kẹrìnlá oṣù náà, Báǹkì Àpapọ̀ yọ ọwọ́ kúrò nínú dídá iye lé ọjà, iye ìjọba sì bọ́ sí nǹkan bíi 664 lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Bí ó bá ṣe pé oníṣòwò kan ní Mowe ti fi náírà 471,000 dógò lọ́jọ́ tí ó ṣáájú, lọ́dọ̀ àdéhùn tí ń ka iye ìjọba, dọ́là 1,000 ni àdéhùn yóò kà á sí. Bí òfin rẹ̀ bá fàyè gba kí ó yá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, dọ́là 750 ni yóò gbà. Ní ìgboro, bí wọ́n bá ń ṣẹ́ dọ́là ní 750 náírà, ìdógò náà kò ju dọ́là 628 lọ. Gbèsè ti ju ìdógò lọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì, lójú àdéhùn fúnra rẹ̀, ìdógò náà di dọ́là 709. Iye náà fò kọjá ibi tí ó yẹ kí àdéhùn ti ta ìdógò láì dúró níbẹ̀ rárá.

Mímú iye àárín kò lè wo àrùn yìí sàn. Òjíṣẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n lọ ka pátákó kan náà kò sàn ju ẹyọ kan lọ, bí gbogbo wọn tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iye kan ti lágbára tó gbọ́dọ̀ wádìí iye orísun tí ó wà lẹ́yìn àwọn òjíṣẹ́, kì í ṣe iye òjíṣẹ́, kí ó sì wò ó bóyá orísun wọ̀nyí jẹ́ ọjà tí ènìyàn ti lè ra nǹkan náà ní tòótọ́ ní iye tí wọ́n pè é. Lẹ́yìn èyí ni yóò wo `updatedAt`, ibi tí Chainlink ń kọ àkókò ìròyìn ìkẹyìn sí. Àdéhùn tí wọ́n kọ dáadáa máa ń wo ibẹ̀ kí ó tó yáni lówó. Bí ìròyìn bá ti pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, yóò ti ilẹ̀kùn. Títì náà ní owó tirẹ̀: ẹni tí ó fẹ́ fi kún ìdógò rẹ̀ lọ́jọ́ rúkèrúdò lè bá ilẹ̀kùn ní títì pẹ̀lú àwọn yòókù.