Ihò Tí Mo Fi Abẹ Gé Ti Tóbi Jù

Ẹ̀yin ará kíláàsì, nígbà tí a kọ́ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ṣe bí ìgbì, mo rò pé ihò tóóró tí mo fi abẹ gé sára páálí á tó láti fi rí i. Kò tó rárá! Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó.

Bí fóltì V bá ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré, gígùn ìgbì rẹ̀ ní nanomítà ni:

λ = 1.226 ÷ √V

Ní fóltì 600, √V jẹ́ 24.5, λ sì jẹ́ 0.05. Ihò tèmi fẹ̀ tó 0.1 mílímítà, ìyẹn nanomítà 100,000. Ó fi ìlọ́po mílíọ̀nù méjì ju ìgbì lọ! Tí ìgbì bá rin mítà kan kọjá ihò náà, 0.0005 mílímítà péré ló máa tàn sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa rí ìyẹn?

Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Nẹbráskà, l'Ámẹ́ríkà, lo fóltì 600 kan náà, ṣùgbọ́n ihò tiwọn fẹ̀ ní nanomítà 62. Ní mítà kan, irú ihò bẹ́ẹ̀ ń tan ìgbì dé 0.8 mílímítà. Ẹ̀rọ lè rí ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra o: bí fóltì bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìdajì ni ìgbì ń dín sí, kì í ṣe ìdá mẹ́rin. Ibẹ̀ ni mo ti pàdánù máàkì méjì.