Ọjọ́ Ẹtì Tó Gbẹ̀yìn Oṣù Nínú Kàlẹ́ńdà Fóònù

Ká ní ìjọ kan ń ṣe ìṣọ́ òru ní ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù, láti aago mẹ́wàá alẹ́. Nínú iCalendar, ìlànà tí àwọn kàlẹ́ńdà orí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́ra wọn yé, ìlà méjì ló gbé iṣẹ́ náà:

```
DTSTART;TZID=Africa/Lagos:20260130T220000
RRULE:FREQ=MONTHLY;BYDAY=-1FR
```

FREQ ní kó máa wáyé lóṣooṣù. FR ni ọjọ́ Ẹtì. Ọwọ́ -1 gan-an ni iṣẹ́ wà: ó ní kí ẹ̀rọ kà láti ẹ̀yìn oṣù wá, kó mú Ẹtì àkọ́kọ́ tó bá pàdé.

Àwọn kan a máa kọ 4FR, Ẹtì kẹrin. Ní oṣù kejì ọdún 2026, ọjọ́ 27 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n oṣù kìíní ní Ẹtì márùn-ún. 4FR yóò pe ìjọ jáde lọ́jọ́ 23 dípò 30. Irú oṣù bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi dán ìlà yín wò.

Kí ọjọ́ inú DTSTART náà jẹ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, RFC 5545 kò sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀: kàlẹ́ńdà kan lè ka ọjọ́ náà mọ́ ọn, kí òmíràn fò ó.