Ìdí tí Ẹ́ntírópì fi ní Òdo Tòótọ́, tí Ẹntálípì kò sì ní

Nínú àtẹ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì fi ń ṣírò, iye méjì ni wọ́n kọ síwájú náítírójìn inú afẹ́fẹ́. Ní ìwọ̀n ìgbóná 298 kẹ́lífìn, ẹ́ntírópì móòlù rẹ̀ kan jẹ́ 191.6 júùlù fún kẹ́lífìn kọ̀ọ̀kan, ẹntálípì ìdásílẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òdo. Wọ́n wọn ti àkọ́kọ́ ni. Àdéhùn ni ti ìkejì.

Ẹ́ntírópì ń sọ bí ọ̀nà tí àwọn mólékù inú nǹkan lè gbà tò ti pọ̀ tó. Bí nǹkan bá ṣe ń tutù ni ọ̀nà wọ̀nyí ń dín kù. Ní òdo kẹ́lífìn, kírísítálì tí kò lábùkù kò ní ju ètò kan ṣoṣo lọ, ẹ́ntírópì rẹ̀ a sì di òdo. Èyí ni òfin kẹta tẹmodáínámíìkì. Walther Nernst ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1906. Max Planck ló wá sọ pé òdo gan-an ni.

Nígbà tí ìbẹ̀rẹ̀ ti dájú, ìṣirò ló kù. Wọ́n á mú náítírójìn tó ti dì ní nǹkan bí 10 kẹ́lífìn, wọ́n á máa fún un ní ooru díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa fi ìwọ̀n ìgbóná tó wà lásìkò náà pín ooru tó gbà. Nígbà tó bá ń hó ní 77.3 kẹ́lífìn, móòlù kan ń gba nǹkan bí 5,577 júùlù kó tó di gáàsì tán. Bí a bá fi 77.3 pín in, ó di 72.1. Ìpín yìí ló tóbi jù. Kò sẹ́ni tó lè dé òdo gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ 10 kẹ́lífìn kéré, kò ju nǹkan bí 1.9 lọ, ìṣirò ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ dé 298, ó di nǹkan bí 192, ó sì bá èyí tí wọ́n ṣírò láti inú ìmọ́lẹ̀ tí mólékù náà ń gbà mu.

Gáàsì kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì kò rí bẹ́ẹ̀. Orí àti ìdí mólékù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, nítorí náà àwọn kan ń dorí kodò nígbà tó bá ń dì. Ètò rẹ̀ kò di ẹyọ kan, àròpọ̀ ooru rẹ̀ sì ń dín ní nǹkan bí 4.6 júùlù.

Ẹntálípì kò ní irú òdo yìí. Ooru tí a wọ̀n ń sọ bó ṣe lọ sókè tó ni, kò sọ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A kò sì lè pàṣẹ pé kí gbogbo nǹkan jẹ́ òdo ní òdo kẹ́lífìn: níbẹ̀ náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín móòlù gáàsì omi kan àti háídírójìn pẹ̀lú ọ́síjìn tó dá a sílẹ̀ ṣì tó nǹkan bí 239 kílójúùlù. Ìyàtọ̀ ẹ́ntírópì ní tirẹ̀ máa ń pòórá níbẹ̀, bí kírísítálì bá pé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹnu kò pé kí ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, ní ipò tó ti dúró ṣinṣin jù, gba òdo, kí ohun yòókù sì jẹ́ ìyàtọ̀ sí i. Omi ṣíṣàn wá jẹ́ -285.8 kílójúùlù. Àdéhùn náà kò ba ìṣirò kankan jẹ́, torí iye átọ́mù tó wọ inú ìdàpọ̀ kẹ́míkà náà ló ń jáde, ohunkóhun tí a bá sì kà sí wọn lọ́rùn máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́.