Ọba kan ṣoṣo lórí ọ̀nà gbọọrọ

Bí dírááfù bá lọ débi pé ọba méjì kù lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ọba kan ṣoṣo sì kù lọ́wọ́ ẹnì kejì, àwọn tó dúró wòran a ti máa kí ẹni tó ní méjì kú oríire. Wọ́n á ní ó ku kó mú un. Ṣùgbọ́n lórí pátákó onílé mẹ́wàá-mẹ́wàá, níbi tí ọba ti lè fò láti etí kan dé etí kejì, ọkàn ẹni tó ní ọba kan lè balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, bó bá ṣáà ti mọ ibi tó yẹ kó jókòó sí. Ọ̀mì ni wọ́n máa ta.

Ohun tó ń fa àríyànjiyàn ni pé kì í ṣe irú dírááfù kan ló wà láyé. Nínú èyí tí wọ́n ń ta ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà láti ọjọ́ pípẹ́, pátákó onílé mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ń lò, ọba wọn kì í sì í rìn ju ilé kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọba méjì a máa pa ọba kan níbẹ̀, kódà bó sá pa mọ́ sí igun. Ẹni tó bá kọ́ irú èyí tẹ́lẹ̀ ló máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé méjì gbọ́dọ̀ borí. Kò purọ́, eré mìíràn ló ń sọ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń mú ọba tó ń fò. Ká kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sí àádọ́ta ilé dúdú tó wà lórí pátákó, láti òkè wá sísàlẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún: 1 sí 5 ní ìlà àkọ́kọ́, 6 sí 10 ní ìkejì, títí dé 50 nísàlẹ̀ pátápátá. Ilé 5 wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, ilé 46 sì wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ìlà tó so àwọn méjèèjì pọ̀, tó ní ilé mẹ́wàá nínú, ni mo ń pè ní ọ̀nà gbọọrọ. Kò sí ìlà tó gùn tó o lórí pátákó.

Ọba tó bá wà ní etí pátákó kò ṣeé jẹ, nítorí kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ máa balẹ̀ sí. Nítorí náà, bí ọba méjì bá fẹ́ mú ọba kan, wọn ò lè ṣáà máa lé e kiri. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ fara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n jẹ ẹ́, kí èkejì sì gbẹ̀san. Òfin pé jíjẹ kì í ṣe ohun téèyàn lè kọ̀ ni wọ́n fi ń dẹ ìdẹ yìí.

Ká ní ọba funfun kan wà ní 2, èkejì wà ní 15, ọba dúdú sì wà ní 47. Ilé 15 àti 47 wà ní orí méjèèjì ìlà kan náà. Bó bá jẹ́ funfun ló kàn, á gbé ọba 2 wá sí 24, síwájú ọba dúdú. Dúdú gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ibo ló fẹ́ balẹ̀ sí? Ilé 20 nìkan ló ṣófo lẹ́yìn 24, nítorí ọba funfun kejì ti dí ẹ̀yìn rẹ̀ ní 15, etí sì ni 15, kò ṣeé jẹ. Ó balẹ̀ sí 20, ọba 15 sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó tán.

Ẹ kíyè sí ohun tó mú kí ìdẹ náà ṣiṣẹ́: ọba funfun kan ti wà ní ìparí ìlà tí dúdú dúró lé kí èkejì tó fara sílẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, dúdú á jẹ ẹran ọ̀fẹ́, á sì lọ balẹ̀ sí etí ní àlàáfíà. Àmì ewu tó yẹ kí ọlọ́ba kan máa wò nìyẹn. Bó o bá rí ọba alátakò ní orí ìlà tó o wà, má ṣe dúró síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà gbọọrọ ti yàtọ̀ gan-an nìyí. Ilé 15 ní ọ̀nà méjì téèyàn lè gbà wọ̀ ọ́, torí náà ọba funfun lè gba ẹ̀gbẹ́ yọ síbẹ̀ láìkọjá níwájú dúdú. Ṣùgbọ́n ilé onílẹ̀kùn kan ni 5 àti 46. Kò sẹ́ni tó lè wọ ibẹ̀ àfi kó gba orí ọ̀nà gbọọrọ fúnra rẹ̀. Bí ọba dúdú bá sì ti jókòó sí 46, ọba funfun tó bá dá ẹsẹ̀ lé ọ̀nà náà láti lọ sí 5 ti di jíjẹ kó tó débẹ̀. Dúdú á jẹ ẹ́, á sì fò lọ balẹ̀ sí 5, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè fọwọ́ kàn án. Bí wọn ò bá sì wọ ọ̀nà náà, iṣẹ́ dúdú kò ju kó rìn láti 46 lọ sí 5, kó tún padà. Òfin sọ pé kó rìn, ó sì ń rìn.

Mo ti rí àwọn tó di ọ̀nà náà mú tí wọ́n ṣì pàdánù. Ìdí tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n dúró sí àárín rẹ̀ dípò igun. Bí ọba dúdú bá dúró sí 28, tí ọba funfun sì wà ní 50, tí ohunkóhun ò sí láàárín wọn, tí 22 náà sì ṣófo, funfun á gba ẹ̀gbẹ́ jẹ ẹ́. Igun ni kó o máa bá lọ, kì í ṣe àárín ọ̀nà. Àwọn mìíràn a máa kúrò níbẹ̀ torí pé ó sú wọn, tàbí pé wọ́n rò pé àwọn náà lè borí.

Wíwọ ọ̀nà náà ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ díẹ̀, nítorí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró sí àárín kó o tó dé igun. Ẹ padà sí ọba 2, 15 àti 47 tá a wò lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ dúdú ló kàn ńkọ́? Á rìn láti 47 sí 41, orí ọ̀nà gbọọrọ. Kí ó tó rìn, ó yẹ kó wo ìlà méjèèjì tó kọjá nínú 41. Kò sí funfun kankan lórí wọn. Bí funfun bá wá gbé 15 lọ sí 47 láti halẹ̀ mọ́ ọn, dúdú á fò lọ sí 5. Bó bá sì gbé 15 wá sí 10 láti dí i lọ́nà, dúdú á jẹ ẹ́, 5 náà ló máa balẹ̀ sí. Ibi tí wọ́n fẹ́ mú un tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀mì, kìkì nítorí ẹni tó kàn.

Àwọn tó ń darí dírááfù onílé mẹ́wàá lágbàáyé, ìyẹn FMJD tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, mọ̀ pé ẹni tó ní méjì lè máa fi èyí fa ilẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ní bó bá ti di ọba méjì sí ọba kan, kí olúkúlùkù rìn lẹ́ẹ̀márùn-ún sí i, bí kò bá sí ẹni tó borí, ọ̀mì ni. Ní ibi tá a ti ń ta á lábẹ́ igi, ó dára kí ẹ ti sọ iye rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìjà máa ń bẹ́.

Àwọn ará Rọ́ṣíà, tí ọba wọn ń fò lórí pátákó kékeré onílé mẹ́jọ, ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò tipẹ́. Aleksandr Petrov, ẹni tó gbé ìwé jáde lórí dírááfù lọ́dún 1827, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọgbọ́n onígun mẹ́ta kan tí ọba mẹ́ta fi ń mú ọba kan kó tó rìn ju ìgbà 15 lọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kì í ṣiṣẹ́ bí ọba kan yẹn bá ti wà lórí ọ̀nà gbọọrọ. Nítorí náà, nígbà tí alátakò bá ṣì ń wá bó ṣe máa jọba, tí ìwọ ti ní ọba tìrẹ, kó o tó sáré lọ jẹ àwọn ọmọ tó kù, gbé ọba rẹ lọ sí ọ̀nà gbọọrọ ná, kó má bàa bá a ní òfìfo.