Etí Àwòrán Tó Rí Bí Eyín Ayùn: MSAA Tàbí TAA?

Bí ẹ bá ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wo wáyà iná tó dábùú ojú ọ̀run nínú rẹ̀. Etí rẹ̀ á rí gbágungbàgun bí eyín ayùn, bí ẹ bá sì ń rìn, á máa ṣẹ́jú. Píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké onígun mẹ́rin tó para pọ̀ di àwòrán, ló fà á. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni píksẹ́lì kan lè ní. Bí wáyà bá bo ìdajì rẹ̀, kọ̀ǹpútà á mú ọ̀kan: àwọ̀ wáyà tàbí ti ọ̀run.

Ibi mẹ́rin ni MSAA sábà máa ń yẹ̀ wò nínú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Bí wáyà bá bo méjì nínú wọn, á po àwọ̀ méjèèjì pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, etí á sì dán. Kì í ṣírò àwọ̀ ohun kan lẹ́ẹ̀mẹrin nínú píksẹ́lì kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Àyè ìpamọ́ ló ń ná. Àwòrán 1920 lọ́nà 1080 ní píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù 2. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 8, mẹ́gábáìtì bíi 17 á di 66. Ọ̀pọ̀ géèmù òde òní ń kó ìsọfúnni púpọ̀ jọ nípa píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, nítorí náà ìnáwó yìí ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Yàtọ̀ sí èyí, etí nìkan ni MSAA ń tún ṣe. Kò kan dídán yinrinyinrin tó wà láàárín ọ̀nà tó tutù.

TAA gba ọ̀nà mìíràn. Ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ya àwòrán, á sún ojú ìwòye díẹ̀, á wá po àwòrán tuntun mọ́ èyí tó ti kọjá. Ìnáwó rẹ̀ kéré, ó sì ń pa ìṣẹ́jú náà. Àmọ́ ibi tó ti ń gba owó rẹ̀ padà ni kedere àwòrán. Bí tuntun bá jẹ́ ìdá 10 nínú 100, ó tó àwòrán 22 kí àwọ̀ àtijọ́ tó dín sí ìdá 10. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá jẹ́ 30, ó ju ìdajì lọ dáadáa. Òun ló ń fa òjìji tó ń tẹ̀ lé ohun tó ń sáré. Kọ̀ǹpútà máa ń fi àwọ̀ àtijọ́ wé ti àwọn píksẹ́lì tó yí i ká, kó lè kọ èyí tí kò bá wọn mu, ṣùgbọ́n èyí tó jọ wọ́n á yọ́ kọjá.

Ẹ má fi àwòrán tó dúró sójú kan dá ẹjọ́, torí ibẹ̀ ni TAA ti dára jù. Ẹ yí ojú ìwòye padà kíákíá, kí ẹ sì wo ewé àti wáyà. Bí wọ́n bá ṣú tàbí tí wọ́n ní òjìji, tí géèmù náà sì ní MSAA tí káàdì yín lè gbé, MSAA ni kí ẹ yàn. Bí kò bá ní in, ẹ dín àwọn ètò mìíràn kù kí iye àwòrán lè pọ̀ sí i, nítorí bó bá ṣe ń pọ̀ ni òjìji TAA ṣe ń yára pòórá.